Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Pọ́ọ̀tù Káàdì Gíráfíìsì Yín Lè Gbé Mọ́nítọ̀ Oníyára Dé Òpin Eré Rẹ̀

Ẹ ra mọ́nítọ̀ tí wọ́n kọ 165 Hz sára páálí rẹ̀, ìyẹn ni pé ó lè pààrọ̀ àwòrán nígbà 165 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ wọ inú ètò lọ wò ó, ẹ sì rí i pé 144 ló parí sí. Ẹlòmíràn rí 120, ẹlòmíràn rí 60 péré. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e kì í yàtọ̀: ṣé káàdì gíráfíìsì mi ni kò lágbára tó?

Lọ́pọ̀ ìgbà, agbára káàdì kọ́ ló fà á. Pọ́ọ̀tù tí ẹ ki wáyà bọ̀ ni kò lè gbé ẹrù àwòrán náà, tàbí kó jẹ́ wáyà fúnra rẹ̀, tàbí pọ́ọ̀tù tó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀. Ohun mẹ́ta yìí ni a máa yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí èyí tó bá kéré jù nínú wọn ló ń pinnu iye Hz tí ẹ máa rí.

Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí káàdì ń ṣe láti ya àwòrán géèmù yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí pọ́ọ̀tù ń ṣe láti gbé àwòrán tó ti parí lọ sí mọ́nítọ̀. Káàdì lè máa ya àwòrán 60 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú géèmù tó wúwo, síbẹ̀ kí pọ́ọ̀tù rẹ̀ máa bá mọ́nítọ̀ sọ̀rọ̀ ní 165 Hz láìsí ìdíwọ́. Káàdì mìíràn sì lè ya àwòrán 300, kí pọ́ọ̀tù tí ẹ lò má lè gbé ju 144 lọ. Ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀tù nìkan ni a ń bá lọ níhìn-ín.

Káàdì tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni GeForce GTX 1060 tó jáde ní 2016. Mo mú un nítorí pé ó ní irú pọ́ọ̀tù méjì tó ń da àwọn ènìyàn láàmú jù, HDMI 2.0b àti DisplayPort 1.4. Mọ́nítọ̀ tí a máa so mọ́ ọn jẹ́ 2560 × 1440, 165 Hz. Ẹ fi nọ́ńbà tiyín rọ́pò bí a ṣe ń lọ.

## Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Orúkọ káàdì yín ní kíkún. Ní Windows, ẹ tẹ Ctrl + Shift + Esc, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ GPU. Orúkọ náà wà ní òkè lápá ọ̀tún.
- Ojú ewé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà ti to àwọn pọ́ọ̀tù rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà wọn.
- Ìwé ìtọ́sọ́nà mọ́nítọ̀ yín, pàápàá tábìlì tó ń sọ iye Hz tí pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ń gbà.
- Wáyà tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ tàbí sára páálí rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka pọ́ọ̀tù méjèèjì, ti káàdì àti ti mọ́nítọ̀

1. Ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Àwọn pọ́ọ̀tù tó wà nítòsí USB àti ojú wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti mọ́dábọ́ọ̀dù. Àwọn tó tò sórí ìlà kan ní ìsàlẹ̀ wọn, tí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀, ni ti káàdì gíráfíìsì. Ti káàdì ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ki wáyà bọ ti mọ́dábọ́ọ̀dù, pọ́ọ̀tù mìíràn pátápátá ló ń gbé àwòrán yín, gbogbo ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí kò sì ní bá a mu.

2. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà pọ́ọ̀tù káàdì sílẹ̀. Ẹ má fi ojú lásán wò ó. HDMI 1.4, 2.0 àti 2.1 jọra bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ náà ni DisplayPort 1.2 àti 1.4. Ojú ewé àlàyé nìkan ló lè yà wọ́n.

3. Ẹ ṣí ìwé mọ́nítọ̀, kí ẹ ka pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iye Hz tó wà lára páálí jẹ́ ti pọ́ọ̀tù tó dára jù lára mọ́nítọ̀ náà. Mọ́nítọ̀ 165 Hz púpọ̀ ló jẹ́ pé DisplayPort wọn nìkan ló ń gba 165, tí HDMI wọn sì ń dúró ní 144 tàbí kó kéré sí i.

Ẹ ṣọ́ra: orúkọ HDMI 2.1 kò tó ẹ̀rí. Àwọn tó ń ṣàkóso orúkọ HDMI gbà kí ilé iṣẹ́ kọ 2.1 sára ẹ̀rọ tó ní díẹ̀ lára àwọn ohun tuntun inú rẹ̀, kódà bí agbára ìgbẹ́rù rẹ̀ kò bá ju ti 2.0 lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ wá ni nọ́ńbà Gbps, ìyẹn iye gígábíìtì tó lè kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan: 24, 40 tàbí 48. Bí ìwé bá kọ 2.1 tí kò sì sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀, tábìlì Hz ni kí ẹ gbà gbọ́.

## Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣírò ẹrù tí mọ́nítọ̀ yín ń fẹ́

Àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ àkójọ píkísẹ́lì. Mọ́nítọ̀ wa ní 2560 ní ìbú àti 1440 ní òró. Píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ mẹ́ta, pupa, ewé àti búlúù. Ní ètò tó wọ́pọ̀ jù, bíìtì 8 ni wọ́n fi ń kọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó mú kí píkísẹ́lì kan jẹ́ bíìtì 24. Ẹ wá fi gbogbo rẹ̀ sọ ara wọn di púpọ̀ pẹ̀lú iye Hz:

```
2560 × 1440 × 165 × 24 = 14,598,144,000
```

Iye bíìtì tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Ẹ pín in sí bílíọ̀nù kan, ẹ máa rí 14.6 gígábíìtì, èyí tí wọ́n ń kọ sára páálí ní Gbps.

Ẹ má tíì dúró síbẹ̀. Láàárín àwòrán kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, àlàfo díẹ̀ máa ń wà tí kò sí píkísẹ́lì kankan tó ń kọjá, síbẹ̀ pọ́ọ̀tù ń san owó rẹ̀, nítorí àkókò náà wà nínú ìṣirò. Nínú ìlànà tí mọ́nítọ̀ òde òní sábà máa ń tẹ̀ lé, àlàfo yìí kì í dín ní 460 máíkírósẹ́kọ́ńdì. Ní 60 Hz, àwòrán kan ń gba bíi 16.7 mílísẹ́kọ́ńdì, nítorí náà àlàfo yẹn kò tó nǹkan. Ní 165 Hz, àwòrán kan kò gbà ju 6.06 mílísẹ́kọ́ńdì lọ, àlàfo náà sì ti gba nǹkan bí ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí Hz bá ṣe ń ga ni àlàfo yìí ṣe ń jẹ àyè sí i. Ẹ tún ní àlàfo kékeré mìíràn ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Fún mọ́nítọ̀ tó wà láàárín 120 sí 165 Hz, ẹ fi ìdá mẹ́jọ sí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún kún ohun tí ẹ rí. Bí ó bá jẹ́ 240 Hz, ẹ fi bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́tàdínlógún kún un. Ohun tí mọ́nítọ̀ wa ń fẹ́ wá di:

- 144 Hz, bíìtì 8: bíi 14.1 Gbps
- 165 Hz, bíìtì 8: bíi 16.3 Gbps
- 165 Hz, bíìtì 10: bíi 20.4 Gbps

Bíìtì 10 ni àwọ̀ tí HDR, ètò tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn àwòrán jinlẹ̀ sí i, sábà ń fẹ́. Ẹ máa lo 30 dípò 24 nínú ìṣirò, ẹrù sì máa fi ìdá kan nínú mẹ́rin ga sí i lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó tan HDR fi máa ń rí i pé Hz òun dín kù láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi ẹrù wé agbára pọ́ọ̀tù

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Wọ́n á ka 18 Gbps lára HDMI 2.0, wọ́n á sì rò pé 16.3 máa wọ̀ ọ́. Kò lè wọ̀ ọ́. Nínú HDMI 2.0 àti DisplayPort títí dé 1.4, gbogbo bíìtì 8 ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ bíi bíìtì 10, kí ẹni tó ń gbà á lè mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí òmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ kí píkísẹ́lì àkọ́kọ́ tó wọ ọkọ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù fún àwòrán nìyí:

- HDMI 1.4: 10.2 lára páálí, 8.16 fún àwòrán
- HDMI 2.0: 18 lára páálí, 14.4 fún àwòrán
- DisplayPort 1.2: 21.6 lára páálí, 17.28 fún àwòrán
- DisplayPort 1.4: 32.4 lára páálí, 25.92 fún àwòrán
- HDMI 2.1 tó kún rẹ́rẹ́: 48 lára páálí, bíi 42 fún àwòrán

DisplayPort 2.1 wà lókè gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ó ní ìpele mẹ́ta: UHBR10, UHBR13.5 àti UHBR20, tí wọ́n jẹ́ 40, 54 àti 80 Gbps. Ìpele ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe nọ́ńbà 2.1 nìkan. Radeon RX 7000 tó jáde ní 2022 dúró ní UHBR13.5. GeForce RTX 50 tó jáde ní 2025 ló dé UHBR20. GeForce RTX 40, tó fi mọ́ 4090 tó lágbára púpọ̀, ṣì ń lo DisplayPort 1.4a, nítorí náà kí ẹ má ṣe rò pé káàdì tó wọ́n gbọ́dọ̀ ní pọ́ọ̀tù tuntun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dájọ́ fún GTX 1060 wa.

Lórí HDMI 2.0, agbára jẹ́ 14.4. Ẹrù 144 Hz jẹ́ 14.1, ó wọ̀ ọ́ ní fírí. Ẹrù 165 Hz jẹ́ 16.3, kò wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá rí 144 nínú ètò rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́, pọ́ọ̀tù HDMI ló lò. Àwọn kan máa ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ ṣe ètò tiwọn kí wọ́n lè dín àlàfo àárín àwòrán kù. Ọgbọ́n yẹn ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹrù bá fi díẹ̀ ga ju pọ́ọ̀tù lọ. Níhìn-ín, píkísẹ́lì nìkan, láìka àlàfo kankan, ti jẹ́ 14.6. Kódà bí ẹ bá pa gbogbo àlàfo rẹ́, kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀.

Lórí DisplayPort 1.4, agbára jẹ́ 25.92. 165 Hz wọ̀ ọ́ ní bíìtì 8, ó sì wọ̀ ọ́ ní bíìtì 10 tó jẹ́ 20.4. DisplayPort ni ìdáhùn, wáyà kan péré ló sì ya ẹni tó ń rí 144 sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń rí 165.

Bí mọ́nítọ̀ bá jẹ́ DisplayPort 1.2 nínú, 17.28 ni ẹ ní, láìka pé káàdì jẹ́ 1.4. Ẹ máa rí 165 ní bíìtì 8, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yan bíìtì 10, Hz á já wálẹ̀.

Fún àwọn tó ní káàdì GTX 900 tàbí GTX 10: bí mọ́nítọ̀ DisplayPort 1.4 kò bá fi nǹkan kan hàn títí Windows fi wọlé tán, ẹ wá irinṣẹ́ fámúwià tí NVIDIA ṣe fún DisplayPort 1.3 àti 1.4. Ó ń yẹ káàdì wò fúnra rẹ̀, bí káàdì náà kò bá nílò rẹ̀ á sọ fún yín. Ẹ má jẹ́ kí iná lọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan wáyà

Wáyà kì í ní Hz tirẹ̀. Ohun tó ní ni bí àmì iná mànàmáná ṣe lè gba inú rẹ̀ kọjá láì dàrú, èyí sì sinmi lórí bí wọ́n ṣe hun ún àti bí ó ti gùn tó.

Fún HDMI, ẹ ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Premium High Speed ni wọ́n dán wò dé 18 Gbps. Ultra High Speed ni wọ́n dán wò dé 48 Gbps, àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí rẹ̀ sì ní kóòdù QR tí ẹ lè fi fóònù yẹ̀ wò. Wáyà tí wọ́n kọ 2.1 sí láìsí orúkọ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà lásán ni.

Fún DisplayPort, wáyà DP8K ni ó bá DisplayPort 1.4 mu ní kíkún. DP40 àti DP80 wà fún 2.1. Bí kò bá ju mítà méjì lọ, ọkàn yín á balẹ̀. Bí ó bá ti ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 32.4 Gbps, wáyà olówó pọ́ọ́kú á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àléébù rẹ̀ hàn.

DisplayPort ní ìwà kan tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Nígbà tí ẹ bá so ó, káàdì àti mọ́nítọ̀ máa ń kọ́kọ́ dán wáyà wò. Bí àmì kò bá mọ́ ní eré tó ga jù, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí eré tó kéré sí i láì sọ fún yín. Àwòrán á wà, á sì dán, ṣùgbọ́n 165 á ti pòórá nínú àkójọ. Nítorí náà, bí ìṣirò yín bá sọ pé ó yẹ kó wọ̀ ọ́, tí 165 kò sì hàn, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Àdápítọ̀: èyí tó kéré, tí kò ní ẹ̀rọ kankan nínú, tó ń sọ DisplayPort káàdì di HDMI, kì í kọjá 4K ní 30 Hz. Ẹ wá èyí tó ní ẹ̀rọ nínú, tó kọ iye Hz tó lè gbé. Wáyà tó ń sọ HDMI káàdì di DisplayPort mọ́nítọ̀ kì í ṣiṣẹ́ rárá àfi bó bá ní ẹ̀rọ tó sì ń gba iná. Bí ẹ bá ní DisplayPort ní ìhà méjèèjì, ẹ yẹra fún àdápítọ̀ pátápátá.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yan Hz, kí ẹ sì fi ojú rí i

Windows kì í sábà yan Hz tó ga jù fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti lo mọ́nítọ̀ oníyára fún ìgbà pípẹ́ ní 60 láìmọ̀.

1. Ẹ ṣí mẹ́nù orí mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wo bóyá ó ní ibi tí wọ́n ti ń yan ẹ̀dà DisplayPort, kí ẹ sì gbé e sí èyí tó ga jù. Mọ́nítọ̀ mìíràn máa ń fi 165 pamọ́ sábẹ́ Overclock, 144 ló sì ń fi hàn títí ẹ ó fi tan án.

2. Ní Windows 11, ẹ lọ sí Settings, System, Display, Advanced display. Bí mọ́nítọ̀ bá ju ọ̀kan lọ, ẹ yan èyí tó tọ́ ní òkè. Lábẹ́ Choose a refresh rate, ẹ yan 165.

3. Ní ojú ewé yẹn kan náà, ẹ ka Active signal mode, Bit depth àti Color format. Ohun tó ń gba inú wáyà kọjá lóòótọ́ nìyẹn. Ẹ fẹ́ rí 2560 × 1440, 165 Hz, RGB. Bí Desktop mode bá yàtọ̀ sí Active signal mode, káàdì ń na àwòrán tàbí ó ń sún un kì ni.

4. Fún ẹni tó ní káàdì NVIDIA tó sì ń lo HDMI: nínú NVIDIA Control Panel, lábẹ́ Change resolution, àkójọ méjì ló wà. Ti òkè jẹ́ ìwọ̀n tẹlifíṣọ̀n, ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n pè ní PC. Hz tó ga sábà máa ń wà lábẹ́ PC. Ẹ yí àkójọ náà wálẹ̀ kí ẹ tó sọ pé kò sí níbẹ̀.

5. Ní Linux tó ń lo X11, ẹ kọ `xrandr` kí ẹ rí orúkọ pọ́ọ̀tù àti àwọn Hz tó wà, lẹ́yìn náà:

```
xrandr --output DP-1 --mode 2560x1440 --rate 165
```

Ẹ fi orúkọ tí ẹ rí rọ́pò DP-1. Bí káàdì yín bá jẹ́ ti AMD lórí Linux, DisplayPort ni kí ẹ fi sí iwájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, HDMI Forum, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà HDMI, kọ̀ láti jẹ́ kí AMD fi agbára HDMI 2.1 sínú dírafà rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè ka kóòdù rẹ̀.

## Bí ẹrù bá ju pọ́ọ̀tù lọ

Ẹ jẹ́ ká fi mọ́nítọ̀ 4K 144 Hz rọ́pò ti àkọ́kọ́, kí GTX 1060 ṣì wà níbẹ̀. 3840 × 2160 ní 144 Hz àti bíìtì 8 jẹ́ bíi 31.4 Gbps bí ẹ bá ti ka àlàfo mọ́ ọn. DisplayPort 1.4 kò ní ju 25.92. Kò sí wáyà tó lè yanjú èyí. Ẹ ní ọ̀nà mẹ́ta, èyí tí mo rò pé ó dára jù ni mo fi ṣáájú.

Ẹ dín Hz kù sí 120. Ẹrù á di 25.8 ní bíìtì 8, ó sì wọ pọ́ọ̀tù náà pẹ́kípẹ́kí. Èmi á gba ẹnikẹ́ni tó ń kàwé tàbí tó ń kọ nǹkan lórí mọ́nítọ̀ náà nímọ̀ràn pé èyí ni kó ṣe. Ìyàtọ̀ 120 sí 144 kò pọ̀ lójú, lẹ́tà sì máa ń mọ́ kedere. Àmọ́ ẹ rántí pé bíìtì 10 kò sí níbí: ó ń fẹ́ 32.3.

Ẹ yan 4:2:2. Ètò yìí máa ń fi ìmọ́lẹ̀ píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ ní kíkún, ṣùgbọ́n píkísẹ́lì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á pín àwọ̀ kan lò. Ẹrù á já sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, 144 Hz ní bíìtì 8 á di bíi 20.9, ó sì wọ̀ ọ́. Àwọn mọ́nítọ̀ 4K 144 Hz tó kọ́kọ́ jáde ní 2018 gba ọ̀nà yìí. Nínú fíìmù àti géèmù, ẹ lè má rí ìyàtọ̀. Nínú lẹ́tà tí wọ́n fi àwọ̀ pupa tàbí búlúù kọ, ẹ máa rí i pé etí rẹ̀ ń ṣú. Ẹ lè yí i padà ní Output color format nínú NVIDIA Control Panel.

Ẹ lo DSC. Èyí ni ọ̀nà tó ń fún àwòrán pọ̀ kó tó wọ wáyà, tí mọ́nítọ̀ sì ń tú u padà. Ó lè sọ ẹrù di ìdá kan nínú mẹ́ta, wọ́n sì ṣe é kí ojú má bàa rí àdánù rẹ̀. 4K 144 Hz ní bíìtì 10 jẹ́ bíi 39 Gbps, pẹ̀lú DSC á sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 13, ẹrù tí DisplayPort 1.4 gbé láìmí kanlẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé káàdì àti mọ́nítọ̀ gbọ́dọ̀ ní i, kò sì pọn dandan kí pọ́ọ̀tù 1.4 ní i. GTX 1060 kò ní i. GeForce RTX 20 sókè ní i, Radeon RX 5000 sókè náà ní i. Fún ẹni tó ń lo GTX 1060, nígbà náà, DSC túmọ̀ sí káàdì mìíràn.

Bí mọ́nítọ̀ yín bá ní ibi tí wọ́n ti ń tan DSC tí wọ́n sì ń pa á, ẹ wo bóyá wọ́n ti pa á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀sùn sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé lórí káàdì NVIDIA, mọ́nítọ̀ DSC tí Hz rẹ̀ ga gan-an lè gba àyè mọ́nítọ̀ méjì nínú káàdì. Pọ́ọ̀tù kẹrin lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ó bàjẹ́.

## Láptọ́ọ̀pù àti USB-C

Pọ́ọ̀tù USB-C tó ń gbé àwòrán ní ìlà mẹ́rin nínú. Bí ẹ bá ki wáyà USB-C sí DisplayPort bọ̀ ọ́ tààrà, ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jẹ́ ti àwòrán. Bí ẹ bá gba inú ẹ̀rọ alápọ́ọ̀tù-púpọ̀ tí USB 3 ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, méjì lè lọ fún USB, kí méjì péré kù fún àwòrán. DisplayPort 1.4 á wá di bíi 12.96 Gbps. 165 Hz ti mọ́nítọ̀ wa kò lè wọ ibẹ̀, 144 náà kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ so ó tààrà kí ẹ wò ó kí ẹ tó ra nǹkan tuntun.

Ẹ wádìí pẹ̀lú bóyá pọ́ọ̀tù náà so mọ́ káàdì ńlá inú láptọ́ọ̀pù tàbí èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ìṣirò àárín. Ní NVIDIA Control Panel, ẹ ṣí Configure Surround, PhysX, ẹ máa rí àwòrán tó ń fi pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan hàn lábẹ́ káàdì tó ni ín.

## Ohun tí ẹ rí, àti ibi tí ẹ máa wò

- 60 nìkan ló wà nínú àkójọ. Ẹ wo bóyá wáyà wà nínú pọ́ọ̀tù mọ́dábọ́ọ̀dù, tàbí dírafà káàdì kò tíì wọlé, tàbí ẹ ń lo àdápítọ̀.
- 144 wà, 165 kò sí. HDMI 2.0 ni, tàbí Overclock kò tíì tàn lórí mọ́nítọ̀.
- 165 wà títí ẹ fi tan HDR. Bíìtì 10 ló pọ̀ jù fún pọ́ọ̀tù. Ẹ padà sí bíìtì 8, Windows ṣì lè ṣe HDR pẹ̀lú rẹ̀.
- Àwòrán ń ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ó ń padà. Wáyà ni. Ẹ dán an wò ní 120: bí ó bá dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀, tí ó sì tún ń ṣókùnkùn ní 165, ẹ pààrọ̀ wáyà sí èyí tó kúrú.
- Àmì funfun kéékèèké ń tàn káàkiri lójú mọ́nítọ̀. Lórí HDMI, wáyà kò gbé eré náà dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́, ẹ tún un kì dáadáa, kí ẹ tó ra òmíràn.
- Kọ̀ǹpútà kò fẹ́ tàn, tàbí mọ́nítọ̀ ń gba iná nígbà tí ẹ ti pa á. Àwọn wáyà DisplayPort tí wọn kò ṣe dáadáa máa ń so ẹsẹ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà 20 pọ̀ ní ìhà méjèèjì, kí iná mọ́nítọ̀ wá máa wọ inú káàdì. Ẹ yọ wáyà náà kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì tún lò ó mọ́.